Sáìsì tí o kò wọn, má tà á

1/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí ẹ bá ya búlọ́ọ̀kù yín sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, tí sáìsì márùn-ún tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, sáìsì kan ṣoṣo lẹ tíì ṣe o. Mẹ́rin tó kù, àbá ni wọ́n. Ẹ má tíì tà wọ́n.

2/
Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan. Gbogbo wa la fẹ́ràn ìgbà tí àwọn ìlà yẹn bá tò tẹ̀ léra wọn lójú kọ̀ǹpútà, sáìsì 8 nínú, sáìsì 16 níta, bí àlùbọ́sà tí a là sí méjì. Ó rẹwà. Ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ó gbé e sójú ìwé yín, àwọn èèyàn á máa ní "ẹ kú iṣẹ́". Ṣùgbọ́n ẹwà yẹn kò lè sọ bóyá apá aṣọ máa bá ihò apá mu. Tépù ló ń sọ ìyẹn, ì báà jẹ́ tépù ọrùn télọ̀ tàbí èyí tó wà nínú sọ́fítíwíà.

3/
Ta ló wá ń jìyà ẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó ń wọ sáìsì 12, torí òun ni a fi ya búlọ́ọ̀kù, òun la rán wò. Àwọn tó wà ní etí méjèèjì ló ń jẹ ẹ́. Ẹni sáìsì 16 á wọ bùláòsì, á rí i pé apá ń fa èjìká, á wá sọ pé "apá mi ló sanra jù". Ẹni sáìsì 8 á rí i pé orí apá hunjọ, á ní télọ̀ òun ò mọ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Pátánì ló purọ́ fún wọn.

4/
Kí a lè jọ sọ̀rọ̀ kan náà: búlọ́ọ̀kù ni pátánì ìpìlẹ̀ tí kò tíì ní sítáì kankan. Ara aṣọ iwájú, ara aṣọ ẹ̀yìn, apá. Inú rẹ̀ la ti ń yọ gáùn, bùláòsì àti jákẹ́ẹ̀tì. Gíréèdì ni sísọ sáìsì kan di púpọ̀. Ojú ìrán ni ibi tí aṣọ méjì ti pàdé tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Gbogbo ìwọ̀n tí mo bá kọ síbí, sẹ̀ǹtímítà ni.

5/
Seamly2D ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé èèyàn kì í fi ọwọ́ fa ìlà lásán. Fọ́múlà lẹ máa kọ. Dípò kí ẹ ní kí ìlà yìí gùn ní 25.5, ẹ lè sọ pé kó jẹ́ ìdá mẹ́rin ìwọ̀n àyà, kí ẹ sì fi 2.5 kún un:

```
bust_circ/4 + 2.5
```

Tí àyà bá jẹ́ 92, ìlà á jẹ́ 25.5. Tí ẹ bá fi fáìlì ìwọ̀n ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, tí àyà ẹni yẹn jẹ́ 100, ìlà á di 27.5 fúnra rẹ̀. Gíréèdì nìyẹn.

6/
Àwọn sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ ńlá, bíi AccuMark, ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n máa ń so òfin mọ́ igun kọ̀ọ̀kan lára pátánì: ní sáìsì kọ̀ọ̀kan, kí igun yìí sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní báyìí, kó sì gòkè ní báyìí. Ọ̀nà méjèèjì dára. Àìsàn kan náà ló sì ń ṣe méjèèjì: kọ̀ǹpútà ń sún ohun tí ẹ ní kó sún, kò mọ̀ pé ìlà kan lára apá gbọ́dọ̀ pàdé ìlà kan lára ara aṣọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un.

7/
Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan yẹ̀ wò. Búlọ́ọ̀kù obìnrin, sáìsì 8 sí 16, sáìsì 12 ni ìpìlẹ̀. Àyà ń fi 4 pọ̀ sí i ní sáìsì kọ̀ọ̀kan: 84, 88, 92, 96, 100. Ní sáìsì 12, ihò apá, iwájú àti ẹ̀yìn lápapọ̀, jẹ́ 43.5. Orí apá, ìyẹn òkè apá aṣọ tó rí bí òkìtì tí a máa rán mọ́ ihò yẹn, jẹ́ 45.5.

8/
Ẹ rí i pé orí apá fi 2 gùn ju ihò apá lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Èjìká èèyàn yípo, nítorí náà orí apá gbọ́dọ̀ ní àlékún díẹ̀ tí télọ̀ máa fi ọgbọ́n tẹ̀ wọlé kí apá lè gbé òkè èjìká dáadáa. Ṣùgbọ́n àlékún yẹn ní ìwọ̀n tí aṣọ lè gbà. Aṣọ onírun àgùntàn máa ń gbà púpọ̀, torí áyọ́ọ̀nù olóoru lè mú un sún kì. Àǹkárá ò gbàgbàkugbà. Òwú tí wọ́n hun kì ni, kì í fà, kì í sún kì bọ̀rọ̀. Fún àǹkárá, 2 ni mo máa ń fojú sùn.

9/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe gíréèdì bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe é. Ara aṣọ ń gbòòrò, ó sì ń jìn sísàlẹ̀ lábẹ́ apá, nítorí náà ihò apá ń fi 2 gùn sí i ní sáìsì kọ̀ọ̀kan. Fún apá, a ní kí ìbú rẹ̀ fi 1.4 pọ̀ sí i: 34 ní sáìsì 12, 35.4 ní 14, 36.8 ní 16. Gíga orí apá, láti ìlà ìbú yẹn dé ṣóńṣó òkè, a fi sílẹ̀ ní 14 fún gbogbo wọn, torí pé a kọ 14 gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, a kò kọ fọ́múlà sí i.

10/
Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó jọ àṣìṣe. Ìlà tò dáadáa. Ẹ wá jẹ́ ká wọn ọ́n:

Sáìsì 8: ihò apá 39.5, orí apá 43.4, àlékún 3.9
Sáìsì 10: ihò apá 41.5, orí apá 44.5, àlékún 3.0
Sáìsì 12: ihò apá 43.5, orí apá 45.5, àlékún 2.0
Sáìsì 14: ihò apá 45.5, orí apá 46.6, àlékún 1.1
Sáìsì 16: ihò apá 47.5, orí apá 47.7, àlékún 0.2

Ẹ tún un kà. Àárín nìkan ló pé.

11/
Sáìsì 8 ní àlékún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 nínú àǹkárá. Bó ti wù kí télọ̀ mọ iṣẹ́ tó, yóò hunjọ lókè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣe apá tó wú. Sáìsì 16 kò ní nǹkankan tó kù. Apá á wọ ihò yẹn ní tipátipá, òkè rẹ̀ ò ní ga tó láti bo orí èjìká, ẹ ó sì rí ìlà wíwọ́ tó ń gba ṣóńṣó èjìká sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ apá méjèèjì. Tí ẹ bá rí ìlà yẹn lára oníbàárà, ẹ má tíì dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Ẹ lọ wo gíga orí apá.

12/
Kí ló fà á? Ẹ fojú inú wo orí apá bí òrùlé ilé. Ìbú apá ni ìpìlẹ̀ ilé, gíga orí apá ni gíga òrùlé, ojú ìrán sì ni ẹ̀gbẹ́ òrùlé méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ ilé lójú láìgbé òrùlé sókè, ẹ̀gbẹ́ òrùlé á gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gùn tó bí ẹ ṣe rò. Nínú iṣẹ́ wa yìí, nǹkan bíi 1.1 ló ń rí ní sáìsì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ihò apá ń rí 2. Gbèsè 0.9 ló ń kó jọ láti sáìsì dé sáìsì.

13/
Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ má kọ 14. Ẹ jẹ́ kí gíga orí apá wá láti inú ihò apá fúnra rẹ̀. Nínú Seamly2D, gbogbo ìlà tó tẹ̀ ló ní orúkọ, gígùn rẹ̀ sì ṣeé lò nínú fọ́múlà. Tí ihò apá iwájú bá lọ láti A8 dé A12, tí ti ẹ̀yìn lọ láti B8 dé B12, ẹ kọ èyí síbi gíga orí apá:

```
(Spl_A8_A12 + Spl_B8_B12)/3 - 0.5
```

Ní sáìsì 12, 43.5 tí a pín sí mẹ́ta jẹ́ 14.5. Tí a bá yọ 0.5, ó di 14. Ìpìlẹ̀ wa ò yí padà rárá.

14/
Ẹ kàn rí i pé ara aṣọ lẹ kọ́kọ́ yà, kí apá tó tẹ̀ lé e nínú fáìlì kan náà. Sọ́fítíwíà ò lè lo gígùn ìlà tí kò tíì sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe fáìlì ìwọ̀n sáìsì kọ̀ọ̀kan wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò apá kan náà ni, ìbú apá kan náà. Ohun tó yí padà nìyí:

Sáìsì 8: gíga 12.7, orí apá 41.7, àlékún 2.2
Sáìsì 10: gíga 13.3, orí apá 43.6, àlékún 2.1
Sáìsì 12: gíga 14, orí apá 45.5, àlékún 2.0
Sáìsì 14: gíga 14.7, orí apá 47.5, àlékún 2.0
Sáìsì 16: gíga 15.3, orí apá 49.4, àlékún 1.9

Láti orí 3.9 àti 0.2, a ti bọ́ sí 2.2 àti 1.9. Fọ́múlà kan péré.

15/
Síbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn sùn. Ibi mẹ́ta ṣì wà tí nọ́ńbà ti lè tàn yín jẹ. Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tí ìlà tó tẹ̀ fi ń tẹ̀, àwọn ọ̀pá kéékèèké méjì tí ẹ máa ń fi máọ̀sì fà kí ìlà lè rí bí ẹ ṣe fẹ́. Bí ẹ bá ti fà á, gígùn ọ̀pá yẹn di nọ́ńbà tó dúró sójú kan. Ní sáìsì 12, ihò apá á rí mìnìjọ̀. Ní 16, ọ̀pá ò gùn sí i, ìlà á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ láàárín. Ní 8, á tẹ̀ jù. Ẹ kọ fọ́múlà síbẹ̀ náà, bíi kó jẹ́ ìdá mẹ́ta ìlà tó so ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ òpin:

```
Line_A8_A12/3
```

16/
Ìkejì: ìlà wo lẹ wọ̀n? Ìlà ìrán ni kí ẹ wọn, kì í ṣe ìlà gígé tí aláwáǹsì ti wà lára rẹ̀. Àwọn kan á ní "ṣebí aláwáǹsì 1 ni méjèèjì ní, kí ló kàn?" Ó kàn o. Ihò apá tẹ̀ wọnú, nítorí náà aláwáǹsì rẹ̀ ń gba ojú kékeré. Tí ẹ bá wọn etí rẹ̀ tó wà níta, ó lè fi bíi 3 kúrú ju ìlà ìrán gangan lọ. Orí apá kò kúrú bẹ́ẹ̀, torí ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ ó wá rò pé àlékún jẹ́ 5, ẹ ó lọ gé orí apá kúrò, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín ba pátánì tó dára jẹ́.

17/
Ìkẹta ni àpapọ̀. Àpapọ̀ lè pé kí apá ṣì wọ́. Ẹ ní ká wo sáìsì 16 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, àlékún rẹ̀ jẹ́ 1.9. Ká ní ihò apá iwájú jẹ́ 23.2, orí apá iwájú jẹ́ 23.3. Ẹ̀yìn ihò apá jẹ́ 24.3, ẹ̀yìn orí apá jẹ́ 26.1. Iwájú ní 0.1, ẹ̀yìn ní 1.8. Tí télọ̀ bá rán an bí àmì ṣe wí, iwájú á fà, ẹ̀yìn á hunjọ. Tí kò bá tẹ̀ lé àmì, tó kàn ń pín in bó ṣe rọrùn, gbogbo apá á yí síwájú tàbí sẹ́yìn lára oníbàárà. Nítorí náà, ẹ wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ wọn ẹ̀yìn lọ́tọ̀, láti ṣóńṣó èjìká dé abẹ́ apá.

18/
Àwọn ojú ìrán tó kù rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ má fò wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba pátápátá lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa dáàtì dé. Èjìká ẹ̀yìn lè fi díẹ̀ gùn ju ti iwájú lọ, ṣùgbọ́n "díẹ̀" yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà ní gbogbo sáìsì. Tó bá jẹ́ 0.5 ní 12 tó sì di 1.3 ní 16, ẹnì kan nínú fọ́múlà yín ń ṣe tara ẹ̀.

19/
Mo ti ń gbọ́ yín: "Àwọn ìyá wa tó ń ránṣọ ò lo kọ̀ǹpútà, aṣọ wọn sì ń bá ara mu." Òótọ́ ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n wọn oníbàárà fúnra ẹ̀. Wọ́n gé ara aṣọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi tépù yí ihò apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ká, kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe apá. Kò sí gíréèdì níbẹ̀ rárá. Sáìsì kan, èèyàn kan, apá tó wá láti inú ihò apá. Ohun tí fọ́múlà inú ọ̀rọ̀ 13 ń ṣe gan-an nìyẹn.

20/
Àwa tí a ń gé aṣọ fún ẹni tí a kò rí rí ni wàhálà wà fún. Ẹni tó ra pátánì yín nílùú mìíràn kò lè pè yín kí ẹ wá fún un níbí, kí ẹ tú u lọ́hùn-ún. Aṣọ rẹ̀ ti gé, owó àǹkárá ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé tí ẹ kò bá tíì wọn sáìsì kan, ẹ má kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ohun tí ẹ ń tà. Ó sàn kí ẹ ta sáìsì mẹ́ta tó pé ju márùn-ún tí méjì ń ṣe bí ẹni pé ó pé.

21/
Ká má purọ́ fúnra wa, wíwọn ojú ìrán ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ pé aṣọ méjì máa pàdé láìjàkadì. Kò lè sọ pé aṣọ náà máa bá ara mu. Ara èèyàn kì í tóbi bákan náà níbi gbogbo: àyà lè fi 4 pọ̀ kí èjìká má fẹ́rẹ̀ẹ́ gbòòrò sí i rárá. Nítorí náà, bí tábìlì yín bá ti pé, ẹ fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú rán sáìsì tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, kí ẹ wọ̀ ọ́ fún ẹni tó ní ara yẹn. Bí àwọn etí méjèèjì bá dúró, àárín ò ní fún yín ní wàhálà púpọ̀.

22/
Ohun tí mo wá ń béèrè kò pọ̀. Lójú ìwé kan ṣoṣo, sáìsì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: ihò apá iwájú, orí apá iwájú, ihò apá ẹ̀yìn, orí apá ẹ̀yìn, àlékún méjèèjì. Kò ní gbà yín ju bíi wákàtí kan lọ. Ẹ fi tábìlì yẹn sínú pátánì tí ẹ ń tà kí oníbàárà rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ máa béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí ẹni tó ń tà bá ní òun ò ní tábìlì, ẹ bi í pé sáìsì wo ló rán wò. Èyí tó bá dárúkọ nìkan ni kí ẹ rà.